Sísun ẹran ewúrẹ́ orí igi lórí èédú: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí a ṣe ń to iná, bí ẹran ṣe yẹ kó ga sí i, àti ìgbà tó yẹ ká máa yí i

Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, kò sẹ́ni tó nílò àlàyé kó tó mọ ohun tí àsun jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹran ewúrẹ́ tí a gé kéékèèké tí a sín sí igi yàtọ̀ sí àsun. Bí àsun bá kúrò lórí iná, inú ìkòkò ata àti àlùbọ́sà ló ń bọ́ sí, ibẹ̀ ni yóò ti rọ̀ tán. Ẹran orí igi kò ní ìkòkò kankan tí yóò tún un ṣe. Bí iná bá ṣe fi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe dé ẹnu. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé bí a ṣe to èédú ló ń pinnu púpọ̀ nínú adùn rẹ̀, ju èròjà tí a fi pa á lára lọ.

Apá ibo lára ewúrẹ́ ni kí n rà?

Itan ẹ̀yìn ló dára jù, ẹsẹ̀ iwájú ló tẹ̀ lé e. Ẹ wá ewúrẹ́ tó ṣì kéré, kì í ṣe òbúkọ tó ti gbó. Ọrùn àti ẹran ìhà kún fún iṣan, ọbẹ̀ ni wọ́n yẹ fún. Ohun tó ń mú ẹran ewúrẹ́ yi kì í rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ń fẹ́ wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ nínú omi tó ń hó jẹ́ẹ́jẹ́, ẹran orí igi kò sì ní irú àkókò yẹn.

Ọ̀rọ̀ awọ náà wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, a kì í sábà bó ewúrẹ́, ṣe la máa ń fi iná wi irun rẹ̀, awọ rẹ̀ á sì wà lára ẹran. Awọ yìí dùn gan-an nínú àsun. Lórí igi, kò dára. Bí ooru bá ti kàn án, á súnkì, á sì ká ẹran tó wà lára rẹ̀ kò, débi pé apá kan ẹran náà á sún mọ́ iná, apá kejì á gbé sókè. Bí ẹ bá ń rà á lọ́jà Ọba, ẹ ní kí alápatà bá yín bó awọ náà kúrò lára itan, kí ẹ sì kó o sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn rọ́bà lára ẹran, táyà ni wọ́n fi wi í, ẹ má rà á.

Ẹ gé ẹran náà kó nípọn tó ìbú àtàǹpàkò, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5. Ẹ wo ibi tí fọ́nrán ẹran kọjú sí, kí ẹ sì gé e ní ìdábùú. Kí gbogbo rẹ̀ jọra ní títóbi, nítorí pé igi kan ni yóò gbé wọn, ìgbà kan náà ni wọn yóò sì kúrò lórí iná.

Ṣé kí n bọ̀ ọ́ kí n tó sun ún?

Bó bá jẹ́ ewúrẹ́ kékeré, ẹ má bọ̀ ọ́. Omi yóò gba adùn rẹ̀ lọ, iná yóò sì gbẹ èyí tó kù. Bó bá jẹ́ òbúkọ àgbà lẹ ní, kò sí ọgbọ́n míì, ẹ fi omi díẹ̀, iyọ̀ àti àlùbọ́sà sè é lórí iná kékeré títí ọ̀bẹ fi ń wọ inú rẹ̀ láìjà. Ẹ jẹ́ kó tutù, kí ara rẹ̀ sì gbẹ, kí ẹ tó sín in sí igi. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ ti jinná tẹ́lẹ̀, àwọ̀ àti òórùn èédú nìkan ló ń wá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà ti tó o. Gbogbo àkókò tí mo máa sọ nísàlẹ̀ wà fún ẹran tútù tí a kò bọ̀.

Irú èédú wo ló dára, ìgbà wo ló sì tó gbé ẹran lé?

Èédú igi líle, bí igi àyìn tàbí ẹmi, ló ń pẹ́ lórí iná. Ẹ gbé e lọ́wọ́: èyí tó bá wúwo, tó sì ń dún gbangban bí ẹ bá gbá méjì lu ara wọn, ni kí ẹ mú. Èyí tó fúyẹ́ á tètè gbóná, á sì tètè di eérú kí ẹran tó jinná, ẹ ó wá máa fi èédú tuntun kún un nígbà tí ẹran ṣì wà lórí iná. Ní ìgbà òjò, èédú máa ń fa omi mọ́ra, ó sì máa ń ta pàrà-pàrà sára ẹni. Ẹ sá a sóòrùn ṣáájú.

Ògùṣọ̀ ni kí ẹ fi dá a. Kẹrosíìnì máa ń fi òórùn sílẹ̀, náílọ̀n sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé èéfín rẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kó kan oúnjẹ. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 sí 30, ọwọ́ iná á ti lọ, eérú funfun tín-ín-rín á ti bo èédú, inú rẹ̀ á sì máa pọ́n. Ìgbà yẹn ni ẹ̀yin iná ti délẹ̀. Bí ẹ bá ṣì rí dúdú lára èédú, kò tíì tó. Èéfín tó ń jáde lára èédú tí kò tíì jó tán ni ó ń mú kí ẹran korò.

Báwo ni mo ṣe máa to ẹ̀yin iná náà?

Ohun tí mo rí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọ́n máa ń tẹ́ èédú dọ́gba láti òpin dé òpin. Bí iná bá ti wá dọ́gba báyìí, kò síbi tí ẹran tó ti pọ́n lè sá sí. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni kí wọ́n máa gbé igi sókè-sódò, tàbí kí wọ́n máa wọ́n omi. Ẹ pín in sí apá mẹ́ta dípò bẹ́ẹ̀.

Apá àkọ́kọ́ gbóná gan-an: ẹ̀yin iná á wà níbẹ̀ lórí ara wọn, ìpele méjì. Ibí ni ẹran ti ń gba àwọ̀. Apá kejì ní ìpele kan péré, kí ẹ̀yin iná sì jìnnà síra díẹ̀, tí ẹ lè rí ilẹ̀ láàárín wọn. Ibí ni inú ẹran ti ń jinná. Apá kẹta kò ní ẹ̀yin iná rárá. Ààyè yìí ni àwọn èèyàn máa ń rò pé ó ṣòfò, èmi sì rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù. Bí ọ̀rá bá gba iná, ibẹ̀ ni ẹ ó gbé igi náà lọ. Bí àlejò bá pẹ́, ibẹ̀ ni ẹran yóò ti dúró de wọn láìjóná.

Kí ẹ má fi ojú lásán wọn ooru, ẹ fi ọwọ́ wò ó. Ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sí ibi tí ẹran yóò wà gan-an, kì í ṣe lókè rẹ̀, kí ẹ máa kà á ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fa ọwọ́ kúrò nígbà tí ẹ ka méjì tàbí mẹ́ta, apá gbígbóná nìyẹn. Bí ẹ bá lè ka márùn-ún tàbí mẹ́fà, apá kejì ti tọ́. Níbi tí kò ní iná, ẹ lè ka mẹ́wàá láìjẹ́ pé ó ta yín. Bí ọwọ́ kò bá lè dúró dé méjì, ẹ fọ́n ẹ̀yin iná ká díẹ̀, kí ẹ sì tún un wò.

Báwo ló ṣe yẹ kí ẹran ga sí ẹ̀yin iná?

Sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12 láti orí ẹ̀yin iná dé ìsàlẹ̀ ẹran ni mo máa ń lò, ó ju ìbú ìka mẹ́rin lọ díẹ̀. Bó bá sún mọ́ ọn ju ìyẹn lọ, ibi tó gbóná jù nínú ẹ̀yin iná á máa fi àmì dúdú sára ẹran níbi kan, ibòmíì á sì wà ní tútù. Bó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹran á máa gbẹ díẹ̀díẹ̀ kó tó pọ́n.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n là sí méjì. Dúrọ́ọ̀mù ńlá tí wọ́n fi ń kó epo gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 88. Bí wọ́n bá là á ní gígùn, jíjìn rẹ̀ á tó sẹ̀ǹtímítà 28. Bí ẹ bá da èédú sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8, ẹran tó wà lẹ́nu dúrọ́ọ̀mù á ṣì jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí iná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń da èédú púpọ̀ sí i, tí wọ́n á sì máa fẹ́ iná kíkankíkan, tí eérú á wá bo ẹran. Ẹ gbé ìsàlẹ̀ sókè dípò bẹ́ẹ̀. Ẹ to bíríkì gbígbẹ sínú dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ tẹ́ wáyà tó nípọn lé e lórí, kí ẹ̀yin iná wà lórí wáyà náà, kí afẹ́fẹ́ sì máa gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ má lo òkúta odò, nítorí pé omi tó wà nínú rẹ̀ lè mú kó fọ́ lójijì nígbà tó bá gbóná.

Ẹ tún mọ èyí: bí iná bá fẹ̀, gbígbé ẹran sókè díẹ̀ kì í dín ooru kù púpọ̀, nítorí pé láti gbogbo ìhà ni ooru ti ń bọ̀. Tí ẹ bá gbé ẹran láti sẹ̀ǹtímítà 10 sí 14 lórí dúrọ́ọ̀mù tó kún, ẹ lè má rí ìyàtọ̀ kan tó ṣe gúnmọ́. Lórí kóòlù-pọ́ọ̀tù kékeré, ìwọ̀n yẹn kan náà á mú kí ooru tó ń kan ẹran dín kù gidigidi. Lórí dúrọ́ọ̀mù, iye ẹ̀yin iná ni ẹ ó fi ṣàkóso ooru. Lórí kóòlù-pọ́ọ̀tù, gíga ló máa ràn yín lọ́wọ́ jù.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n máa yí i, kí n sì jẹ́ kó pẹ́ tó báwo?

Àwọn kan gbà pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló yẹ ká yí ẹran. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ fún ẹran kékeré bí èyí. Ojú tó kọ sí iná ń gba ooru, ojú tó kọ sókè ń tutù. Bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó yí i, ìta ojú kan á ti le kí ooru tó dé àárín. Bí ẹ bá ń yí i lemọ́lemọ́, ooru tó ti wọlé á máa rìn lọ sí àárín nígbà tí ojú yẹn ń sinmi, kò sì sí ojú kan tí yóò gbóná kọjá ààlà. Ó tún máa ń yára jinná jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lórí apá gbígbóná, ẹ jẹ́ kí ojú kìíní dúró fún ìṣẹ́jú kan kí ara rẹ̀ lè gbẹ, kó má baà lẹ̀ mọ́ wáyà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa yí i ní ìdá mẹ́rin-mẹ́rin, ìṣẹ́jú kan fún ojú kọ̀ọ̀kan. Ojú mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Bí ojú kan bá dúdú ṣáájú ìṣẹ́jú kan, iná ti le jù, ẹ yí i ní gbogbo ìdajì ìṣẹ́jú. Ẹ gbé e wá sí apá kejì nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti pọ́n dáadáa, kí ẹ máa yí i ní gbogbo ìṣẹ́jú kan àbọ̀ sí méjì, fún ìṣẹ́jú mẹ́fà sí mẹ́jọ.

Bí igi bá ń yí tí ẹran kò bá a yí, igi ti rí roboto jù tàbí ihò ti fẹ̀. Ẹ fi igi méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn gún un. Ẹ fi àyè díẹ̀ sáàárín ẹran kan àti òmíràn, nítorí pé ibi tí wọ́n bá ti fún mọ́ra kì í rí ooru, ibẹ̀ ni ẹ ó sì ti bá tútù. Igi onípákó ní láti rẹ nínú omi fún ìdajì wákàtí.

Ìgbà wo ni mo máa fi yájì sí i?

Kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀. Kúlíkúlí lílọ̀ tó wà nínú yájì máa ń jóná kíákíá, ó sì máa ń korò lórí apá gbígbóná. Iyọ̀, ata, atalẹ̀ àti òróró díẹ̀ ni kí ẹ fi pa ẹran kí ó tó dé orí iná. Nígbà tó bá dé apá kejì, ẹ fi òróró ra á lára, kí ẹ bu yájì lé e. Ẹ má fi ìyókù omi èròjà tí ẹran tútù ti rẹ nínú rẹ̀ ra ẹran tó ti ń jinná.

Ọwọ́ iná ń là sókè sí ẹran. Ṣé kí n da omi sí i?

Rárá. Omi á gbé eérú sókè, á sì lẹ̀ mọ́ ẹran, ibi tí omi kàn á kú, ibòmíì á ṣì máa jó. Ẹ gbé igi náà lọ sí apá tí kò ní iná, kí ẹ dúró títí ọwọ́ iná yóò fi rọlẹ̀. Ewúrẹ́ kì í lọ́ràá tó màlúù, nítorí náà bí ọwọ́ iná bá ń là léraléra, òróró tí ẹ ń ra lé e ló pọ̀ jù. Abẹ̀bẹ̀ náà, kí ẹran tó dé orí iná ni kí ẹ ti lò ó tán.

Ẹ bá mi ṣe àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹbí kan ní Ìjàpó ń retí àlejò ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní kílò 1.5 ẹran itan tí kò ní eegun àti awọ, àti dúrọ́ọ̀mù tí a là sí méjì. Ìwọ̀n gíráàmù 100 lórí igi kọ̀ọ̀kan yóò fún wọn ní igi 15. Síbí ìjẹun kan iyọ̀ tó fún gbogbo ẹran yẹn, bí kò bá sí iyọ̀ nínú yájì wọn. Wákàtí kan ṣáájú, wọ́n fi iyọ̀, ata àti atalẹ̀ pa á.

Wọ́n to bíríkì sínú dúrọ́ọ̀mù títí wáyà fi wà ní ibi tó yẹ. Nǹkan bíi kílò méjì èédú ló dé orí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tẹ́ ẹ káàkiri. Wọ́n tẹ́ ẹ bí ọ̀nà tóóró láàárín dúrọ́ọ̀mù, kó fẹ̀ tó ibi tí ẹran gùn dé lórí igi, bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Wọ́n gbé ọ̀pá irin méjì gbọọrọ lé dúrọ́ọ̀mù lórí láti òpin dé òpin, ọ̀kan sí ìhà kọ̀ọ̀kan ọ̀nà iná náà. Orí irin yìí ni ẹnu igi àti ìdí igi máa jókòó lé, ẹran á wà láàárín, kò sí wáyà kankan tó kàn án, iná kò sì ní jó igi. Lára gígùn sẹ̀ǹtímítà 88 yẹn, 40 jẹ́ apá gbígbóná, 30 jẹ́ apá kejì, ìyókù kò ní ẹ̀yin iná.

Igi kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5, nítorí náà kò ju mẹ́jọ lọ tí apá gbígbóná lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n kọ́kọ́ gbé mẹ́jọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, mẹ́fà nínú wọn bọ́ sí apá kejì, méjì tó ti pọ́n jù lọ sí apá tí kò ní iná fún ìgbà díẹ̀. Wọn kò gbé méje tó kù lé lójú ẹsẹ̀, wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n fi igi ko ẹ̀yin iná pọ̀ kí ooru lè padà. Nígbà tí méje yẹn ti lo ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí apá gbígbóná, àwọn mẹ́fà àkọ́kọ́ ti lo méje lórí apá kejì, wọ́n ti ní yájì, wọ́n sì ti yẹ ní gbígbé kúrò. Àwọn méjì tó dúró bọ́ sí apá kejì pẹ̀lú mẹ́rin nínú àwọn tuntun, mẹ́ta tó kù ń sinmi lórí apá tí kò ní iná títí àyè á fi ṣí. Láti ìgbà tí ẹran àkọ́kọ́ ti dé orí iná títí dé ìgbà tí èyí tó gbẹ̀yìn kúrò, ó tó nǹkan bí ìdajì wákàtí.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti jinná?

Ẹ fi ọ̀bẹ gé èyí tó nípọn jù, láti àárín igi, kì í ṣe láti ẹnu rẹ̀ tó máa ń tètè jinná. Inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní pupa tútù, omi tó ń jáde gbọ́dọ̀ mọ́. Bí ẹ bá ní ohun tí a fi ń wọn ooru ẹran, dígírì 63 ti Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni ìwọ̀n tó kéré jù, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta. Èmi máa ń mú un dé 70, nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń fẹ́ ẹ nílé. Bó bá kọjá 75, ẹran tí kò lọ́ràá yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lórí àwo mìíràn tí ẹran tútù kò dé, lẹ́yìn náà ni kí ẹ bu àlùbọ́sà àti tòmátì lé e.

Ìta rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ ṣì tútù. Kí ló fà á?

Ó pẹ́ jù lórí apá gbígbóná, tàbí ẹran náà jáde láti inú fíríìjì tààrà. Ẹ gbé e sí apá kejì, kí ẹ bo ó pẹ̀lú ìdérí fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ sì yí i. Bó bá jẹ́ pé ìta rẹ̀ wà ní àwọ̀ eérú, kò pọ́n, inú rẹ̀ sì ti gbẹ, òdì kejì ni: ìwọ̀n ooru kéré, ó sì pẹ́. Ẹ fi ọwọ́ wo apá àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó gbé òmíràn lé.

Òjò ń rọ̀ ní Àkúrẹ́. Ṣé mo lè gbé iná náà wọ inú gáréèjì?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Èédú tó ń jó máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní òórùn, tí a kò sì lè fi ojú rí, ó sì ń pa èèyàn nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìta gbangba, lábẹ́ páànù tí ìhà rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ni ibi tó yẹ, kí ó sì jìnnà sí fèrèsé. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ má gbé èédú tó kù wọlé láti fi mú yàrá gbóná. Ẹ bu omi sí i níta títí tí kò fi ní ṣe èéfín mọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì.